Lẹ́tà kan náà kò lè kí àlejò ilé méjì káàbọ̀

*Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Ìlọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo kọ lẹ́tà ìkíni-káàbọ̀ tí a ń fi sínú yàrá fún àwọn àlejò tó bá fẹ́ ti Yorùbá, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé àlejò oníyàrá 9 sí Òmù-Àrán. Ilé náà mọ́, owó rẹ̀ kò wọ́n, inú ọgbà kan náà ni òun fúnra rẹ̀ ń gbé, ọmọbìnrin kan ló sì ń ràn án lọ́wọ́ títí di aago 8 alẹ́. Ó gba lẹ́tà mi, ó yí orúkọ ilé padà, ó fi í sí gbogbo yàrá. Láti ìgbà náà ni àwọn àlejò ti ń bá a jà pé ó purọ́ fún àwọn. Ṣé kí n kàn jẹ́ kí èdè rẹ̀ rọrùn sí i ni, àbí kí ló yàtọ̀ gan-an?*

Ẹ ṣeun tí ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ìbéèrè yín. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tún kà á sókè. Èdè rẹ̀ kò le rárá. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kà á kó yé e. Ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ kan ìyẹn. Ìlà kẹta ni kí ẹ wò: "Ohunkóhun tó bá wù yín, nígbàkígbà, àwọn òṣìṣẹ́ wa ti wà ní sẹpẹ́ láti ṣe é fún yín." Ní ibi iṣẹ́ yín, òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ẹnì kan wà nídìí tẹlifóònù lóru, ẹnì kan wà ní ilé ìdáná, jẹnẹrétọ̀ sì ti máa ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ NEPA kí àlejò tó mọ̀ pé iná lọ. Ní Òmù-Àrán, ọmọbìnrin tó ń ṣèrànwọ́ ti lọ sílé láti aago 8. Ẹni tó bá dé ní aago 9, tó ka ìlà yẹn tán, tó wá pe nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò gbé, kò ní sọ pé lẹ́tà yìí ti dùn jù. Irọ́ ni yóò pè é, ẹjọ́ rẹ̀ kò sì burú.

Nínú iṣẹ́ wa, ohun tí lẹ́tà bá mú kí àlejò máa retí ni mo ń pè ní ohùn rẹ̀. Àlejò tó san owó ńlá ní Ìlọrin, ó sanwó náà kí ó má baà ní láti ronú nípa omi, nípa iná, nípa ibi tí yóò ti jẹun. Àlejò tó sùn sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín mọ̀ láti ẹnu géètì pé òun yóò ronú nípa wọn. Ohun tó ń wá ni ẹni tí yóò tètè sọ fún òun bí nǹkan ṣe rí nínú ilé náà, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ibẹ̀ ni ọ̀nà lẹ́tà méjèèjì ti pínyà, kì í ṣe ibi gírámà.

Ẹ ó rí i kedere bí ẹ bá fi ìka tọ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe inú lẹ́tà yín. "A ti tọ́jú", "a ti gbé e sí", "a ti pèsè": iṣẹ́ ti parí, kò ku nǹkan kan fún àlejò láti ṣe. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí lẹ́tà òtẹ́ẹ̀lì olówó gọbọi rí. Ti ilé àlejò, "ẹ ó rí i níbi báyìí", "ẹ lè", "ẹ pè mí" ló yẹ kó pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ń fi ilé lé àlejò lọ́wọ́ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń fi yàrá han àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé.

Ẹ jẹ́ ká mú ohun kan ṣoṣo, ká fi ohùn méjèèjì sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá dé agbègbè yẹn ló máa ń fẹ́ wo àwọn ère òkúta Èsìẹ́, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Lẹ́tà òtẹ́ẹ̀lì yóò kọ ọ́ báyìí: "Bí ó bá wù yín láti wo àwọn ère Èsìẹ́, awakọ̀ wa mọ ọ̀nà dáadáa; ọjọ́ tí ẹ bá mú la ó gbé yín lọ." Ti ẹ̀gbọ́n yín yóò sọ pé: "Èsìẹ́ kò jìnnà sí wa. Òwúrọ̀ ló dára jù láti lọ. Ẹ bi mí, n ó júwe ibi tí ẹ ó ti wọ mọ́tò, n ó sì sọ iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́lọ́wọ́." Ẹ kíyè sí i pé n kò kọ iye owó mọ́tò sílẹ̀. Owó epo kì í dúró lójú kan, ìwé tí ẹ tẹ̀ lóṣù yìí sì lè di irọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ohun tó bá ń yí padà, ẹnu ni kí a máa fi sọ ọ́.

Ìyàtọ̀ kejì wà nínú ẹni tí lẹ́tà ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́tà òtẹ́ẹ̀lì ńlá, ẹnì kan péré ló wà fún. Ó mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ oyè rẹ̀, ó mọ ohun tó bá wá. Lẹ́tà ilé àlejò kò mọ ẹni tó ń bọ̀. Bàbá tó mú ọmọ wá sí Yunifásítì Landmark lè sùn sórí bẹ́ẹ̀dì náà lónìí, kí awakọ̀ tí mọ́tò rẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà sùn síbẹ̀ lọ́la, kí ẹni tó wá sìnkú sùn síbẹ̀ lọ́tùn-ún-la. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ba gbogbo wọn mu.

Èyí kò hàn sí mi tó títí tí ó fi dùn mí. Nígbà tí mo ń bójú tó àwọn àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì kan, ìdílé kan gba yàrá 6 fún òpin ọ̀sẹ̀. Ohun tí mo rí nínú ìwé tí wọ́n fi gba yàrá ni "ayẹyẹ ìdílé". Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú lẹ́tà àkọ́bí wọn pé "Ẹ kú ìnáwó, kí ẹ gbádùn ara yín dọ́ba." Ìyá wọn ni wọ́n wá sin, ìyá tí kò tíì dàgbà rárá. Àkọ́bí náà sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, kò pariwo. Ó gbé lẹ́tà náà lé káńtà níwájú mi, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó ní, "Ìyá wa ló kú." Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, a kì í kọ ìdí ìrìnàjò sínú lẹ́tà àlejò kankan àyàfi bí ẹnì kan nínú wa bá ti pè é ní ọjọ́ kan ṣáájú, tó sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí kọ́ àwọn tó ń bá yín ṣiṣẹ́. Ewu tó wà nínú lẹ́tà tó mọ ènìyàn ni pé ó lè ṣi ènìyàn mọ̀.

Ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra bákan náà lórí oyè. Ní Ìlọrin, ẹni tó kọ "Alàájá" sínú ìwé ìgbàyàrá tí ẹ wá kọ "Màdáàmù" sí kò ní sọ̀rọ̀, àmọ́ yóò rántí. Bí ó ti kọ ọ́ ni kí ẹ dá a padà fún un. Ẹ má sì fi orúkọ wo ẹ̀sìn. Ẹ fi ẹní ìkírun àti àmì gábásì sí gbogbo yàrá láìsọ̀rọ̀; ẹni tó bá ti béèrè fún un ṣáájú nìkan ni kí lẹ́tà dárúkọ rẹ̀ fún.

Fún ẹ̀gbọ́n yín, èdè wa ti ran yín lọ́wọ́. A ní "ẹ kú ìrìn" àti "ẹ kú ewu ọ̀nà". Kò sí ẹni tó wọ ilé àlejò tí kò rìn. Ó bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ mu, ó bá ọkọ ìyàwó mu, ó bá oníṣòwò mu. Ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì yọ "ìsinmi", "ìgbafẹ́" àti "ẹ gbádùn" kúrò pátápátá.

Ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ yí padà láàárín àwọn méjèèjì: "ẹ". Mo ti rí ilé àlejò tó rò pé kí lẹ́tà lè dà bí ti ará ilé, "o" ni kí àwọn máa lò. Ọmọ yunifásítì lè máà bínú, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ni yóò sùn síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. "Èmi" tí ẹ̀gbọ́n yín bá fi rọ́pò "àwa" ni yóò jẹ́ kí lẹ́tà náà dà bí ti ará ilé. Òtẹ́ẹ̀lì ni "àwa" yẹ, torí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Obìnrin kan tó ni ilé, tó ń gbé inú rẹ̀, bó bá ń pe ara rẹ̀ ní "àwọn alábòójútó", ṣe ló dà bí ẹni tó sápamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo ti tún méjèèjì kọ. Ti òtẹ́ẹ̀lì yín nìyí, fún obìnrin kan tó ti sùn síbẹ̀ rí, tó béèrè fún ẹní ìkírun nígbà tó ń gba yàrá, tí ẹ sì ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé ìgbéyàwó ló bá wá:

> Alàájá Lágbájá,
>
> Ẹ káàbọ̀ sí Ìlọrin. Inú wa dùn pé ọ̀dọ̀ wa náà lẹ tún yà sí.
>
> Yàrá tó kọjú sí ọgbà òdòdó, èyí tí ẹ fẹ́ràn nígbà tí ẹ wá kẹ́yìn, la tọ́jú dè yín. Ẹní ìkírun wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn tó ń lọ aṣọ ti mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ aṣọ yín kí aago 9 òwúrọ̀ tó lù.
>
> Ẹ kú ìnáwó ọ̀la. Ọlọ́run yóò jẹ́ kó yẹ àwọn ọmọ.

Lẹ́yìn èyí, kí máníjà fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù ú, kó kọ orúkọ àti ipò rẹ̀ sísàlẹ̀. Kò ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ 75 lọ. Ẹ wo ohun tí mo yọ nínú ti tẹ́lẹ̀: nọ́ńbà Wáìfáì, aago tí ó yẹ kí àlejò kó jáde, ìlà tó ní kí wọ́n má ṣe lọ aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìwé ìtọ́sọ́nà tó wà lórí tábìlì ni ibùgbé gbogbo ìyẹn. Bí òfin kan ṣoṣo bá wọ lẹ́tà òtẹ́ẹ̀lì ńlá, àlejò yóò gbàgbé ìkíni, òfin náà ni yóò rántí. Mo yọ "ìgbádùn tí kò lẹ́gbẹ́" náà. Ẹni tó bá wà nínú ìgbádùn kò nílò kí a sọ fún un. Aṣọ tí wọ́n bá a lọ̀ kó tó jí ni yóò sọ ọ́.

Ti Òmù-Àrán nìyí. Ẹ ó rí i pé ó gùn ju ti òkè lọ, ó sì yẹ kó gùn:

> Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ káàbọ̀ sí Òmù-Àrán.
>
> Omi máa ń yọ nínú ẹ̀rọ láti aago 5 ìdájí sí 9 àárọ̀, àti láti aago 5 ìrọ̀lẹ́ sí 10 alẹ́. Fún àárín ìgbà yẹn, mo ti pọn omi kún ike tó wà ní balùwẹ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ fi omi gbígbóná wẹ̀, ẹ sọ fún mi lálẹ́, yóò wà lẹ́nu ọ̀nà yín láàárọ̀.
>
> Bí NEPA bá mú iná lọ, mo máa ń tan jẹnẹrétọ̀ láti aago 7 sí 11 alẹ́. Ẹ ti ṣájì fóònù yín kó tó di aago 11. Lẹ́yìn ìyẹn, fáànù kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n àtùpà tó wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ní bátìrì tirẹ̀, nẹ́ẹ̀tì sì wà lójú fèrèsé, ẹ lè ṣí i sùn.
>
> Aago 11 náà ni mo máa ń ti géètì. Bí ẹ ó bá pẹ́, ẹ pè mí, n ó wá ṣí i.
>
> N kì í se oúnjẹ títà níbí. Ẹni tó ń ta àmàlà ní ọ̀kánkán wa máa ń ṣí láti ọ̀sán títí di aago 8. Bí ẹ bá dé lẹ́yìn ìyẹn tí ebi sì ń pa yín, ẹ kan ilẹ̀kùn mi.
>
> Aago 12 ọ̀sán ni n ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín. Bí mọ́tò yín bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ lè kó ẹrù sọ́dọ̀ mi títí ẹ ó fi lọ.
>
> Èmi ni mo ni ilé yìí, inú rẹ̀ náà ni mo ń gbé. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé tó wà nítòsí géètì ni tèmi.

Kó wá kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé. Àwọn aago tí mo kọ, àpẹẹrẹ ni. Kí ó fi bí nǹkan ṣe ń rí ní ilé rẹ̀ rọ́pò wọn. Bí ó bá mọ̀ pé òun kò lè dìde ṣí géètì ní aago 1 òru, kí ó má kọ ọ́ pé òun yóò dìde. Kí ó kọ aago tí agbára rẹ̀ ká.

Ìpínrọ̀ iná ni mo pẹ́ sí jù lórí lẹ́tà yìí, torí ibẹ̀ ni àwọn onílé àlejò ti sábà máa ń ṣìnà, ní ọ̀nà méjì. Àwọn kan á kọ "iná wà tọ̀sán-tòru", èyí tí àlejò yóò já ní alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní. Àwọn mìíràn á máa bẹ̀bẹ̀: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí wa fún ìnira tí àìsí iná lè fà fún yín." Ẹ̀bẹ̀ yìí dára létí, ṣùgbọ́n ó ń kó ìdààmú bá àlejò kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀, kò sì sọ ohun tí yóò ṣe fún un. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń kú ní aago 11 lójoojúmọ́, ètò ilé nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ sọ aago rẹ̀, ẹ sọ ohun tí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ sì sọ ohun tí yóò máa ṣiṣẹ́ lọ. Àlejò tó ti mọ̀ pé fáànù yóò dúró á ṣí fèrèsé kó tó sùn. Ẹni tí kò mọ̀ ni ooru yóò jí ní aago 12 òru, òun náà ni yóò fi ìbínú pe yín. Ẹ fi ẹ̀bẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ bá bàjẹ́ lóòótọ́, kí ẹ sì fi ẹnu bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ti òfin, ilé àlejò kò lè ṣe láì ní in. Ẹ̀gbọ́n yín ní ìwé kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n fi yíǹkì pupa kọ "A KÒ GBA ÀLEJÒ LÁÀYÈ LÁTI WỌLÉ LẸ́YÌN AAGO 11". Ẹ fi wé ìlà géètì tí mo kọ sókè. Òfin kan náà ni, aago kan náà ni. Ti pupa pa ẹnu ọ̀nà dé mọ́ àlejò. Tèmi sọ ohun tí ẹni tó bá pẹ́ lè ṣe. Òfin tí kò bá ní ọ̀nà àbáyọ, bí àìgbọdọ̀ dáná nínú yàrá, kí ó fi ìdí rẹ̀ tì í ní gbólóhùn kan: "Ẹ má ṣe tan sítóòfù nínú yàrá, torí kọ́tìn súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì." Ó tó.

Ọ̀rọ̀ ìwé kò pọ̀. Ti òtẹ́ẹ̀lì yín, káàdì tó nípọn nínú àpòòwé ni, kí wọ́n fi ìnkì kọ orúkọ àlejò. Ti ẹ̀gbọ́n yín, ìwé funfun lásán ti tó, kí àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tóbi kí ẹni tí kò mú awò wá lè kà á lábẹ́ iná kékeré. Kí ó má fi ọ̀rá bò ó. Ìwé tí a bá fi ọ̀rá bò kì í dà bí ìkíni mọ́, ìkéde ló ń dà bí, ó sì máa ń mú kí èèyàn lọ́ra láti tún un tẹ̀ nígbà tí aago omi bá yí padà. Bí ó bá fẹ́ fi Òyìnbó sí ẹ̀yìn rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, kó jẹ́ kí ẹni tó ń kọ ọ́ mọ̀ pé àwọn aago àti ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé kò gbọ́dọ̀ sọnù nínú ìtumọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá lẹ́tà tuntun ń ṣiṣẹ́, ẹ má bi àlejò bóyá ó fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọlúàbí yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ọmọbìnrin tó ń ṣèrànwọ́ fi ìwé kékeré kan sẹ́nu géètì fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ó máa kọ gbogbo ìbéèrè tí àlejò bá bi í lẹ́yìn tó ti wọ yàrá. Ìbéèrè tó bá jáde ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú lẹ́tà, tàbí ó wà nísàlẹ̀ jù. Ní ilé kan tí mo bá ṣe irú iṣẹ́ yìí, "níbo ni wọ́n ti ń tan iná balùwẹ̀?" ló ń jáde ṣáá, torí ìta ni súìṣì rẹ̀ wà. Ìlà kan péré la fi kún un, sókè pátápátá, lábẹ́ ìkíni. Ní òtẹ́ẹ̀lì yín, òdìkejì ni kí ẹ ṣe: ẹ wò bóyá àlejò dárúkọ ohun kan tí ẹ ti ṣe fún un kó tó béèrè. Bí ẹnì kankan kò bá sọ̀rọ̀ nípa aṣọ lílọ̀ láàárín oṣù kan, ó ṣeé ṣe kí ìlà náà máa wà nínú lẹ́tà lásán, kí aṣọ má tètè jáde. Àwọn tó ń lọ aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá kí ẹ tó fọwọ́ kan lẹ́tà.